Ìfohunpènìyàn nínú àlọ́: kí ló dé tó fi jẹ́ Erin ni wọ́n fẹ́ fi jọba?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò Yorùbá sábà máa ń há a sórí pé Ìjàpá dúró fún ọ̀kánjúwà, Erin dúró fún agbára, Ajá dúró fún òtítọ́, Ìgbín dúró fún sùúrù. Bí àlọ́ kan bá wá dé tí Ìjàpá kò jẹ nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Ohun tí wọ́n há sórí yẹn kọ́ ni ìfohunpènìyàn.

Ìfohunpènìyàn ni kí a mú ohun tí kì í ṣe ènìyàn, kí a fún un ní ìwà, ìṣe àti ọ̀rọ̀ ènìyàn. Nínú ewì, ó lè má ju ìlà kan lọ, bí ìgbà tí akéwì bá ní ikú ń kanlẹ̀kùn. Nínú àlọ́ àpagbè, òun ló gbé gbogbo ìtàn rù. Ìjàpá ní ìyàwó tó ń jẹ́ Yánníbo, ó ní àna, ó ń dé fìlà, ó ń lọ sóko olóko, ó ń rojọ́ níwájú ọba. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gba ara ẹranko lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkarahun rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò lè sáré. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí, torí inú ara yẹn ni ìwà ti ń jáde. Ẹni tí kò lè sá, tí kò sì lè jà, kí ló kù tó lè fi jẹun bí kò ṣe ọgbọ́n?

Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ "A ó mérin jọba" yẹ̀ wò. Ìlú kan fẹ́ mú erin. Ìdí rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu àpàlọ́ kan sí òmíràn: ẹlòmíràn á ní ètùtù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹlòmíràn á ní Erin ló ń ba oko wọn jẹ́. Apá àwọn ọdẹ kò ká a. Ìjàpá ní òun á mú un wá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò sì fi rìn wọ̀lú. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, kí wọ́n tẹ́ ẹní bò ó, kí wọ́n gbé àga ọba lé e. Lẹ́yìn náà ló din àkàrà, ó fi oyin sí i, ó di inú igbó.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Erin, ó kí i bí ẹgbẹ́ ṣe ń kí ẹgbẹ́, ó ní kó tọ́ àkàrà wò. Erin tọ́ ọ wò, ó dùn, ó tún béèrè. Ìgbà yẹn ni ohùn Ìjàpá yí padà: "Kábíyèsí, ohun tí ẹ óò máa jẹ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọba wa ti wàjà, gbogbo ìlú sì ti fẹnu kò pé ẹ̀yin ló kù. Ta ló tún ní irú ara yìí?" Ẹ wo bó ṣe kúrò ní "ìwọ" tó bọ́ sí "ẹ̀yin". Oyin ló fi ṣí ẹnu Erin, ṣùgbọ́n "Kábíyèsí" ló fi mú un.

Ní agbo ilé wa ní Òmù-Àrán, ìyá àgbà kan wà tí kì í jókòó bó bá dé ibi tí Erin ti ń wọ̀lú. Á dìde, á ká ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, á na apá kan síwájú bí ọwọ́ ìjà erin, á wá máa fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní yára. Àwa ọmọdé là ń gbe orin pé a ó mérin jọba. Bí a bá ṣe ń gbè é kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá á ṣe máa gbé àyà sókè sí i. Àwa gan-an ni ará ìlú tó ń tan Erin nígbà yẹn, a sì mọ̀ pé kòtò wà lábẹ́ ẹní. Ìwúlò ègbè nínú àlọ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe ká máa pàtẹ́wọ́ lásán. Ẹni tí oyè ń jà gùdù nínú rẹ̀ lè wà lórí ìjókòó láàárín wa, kó máa rẹ́rìn-ín. Erin ni a ń bá wí, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń mọ ohun tí ẹranko kan dúró fún nínú àlọ́: mo máa ń yọ ọ́ kúrò, màá fi òmíràn sí ipò rẹ̀, màá wò ó bóyá ìtàn ṣì lè dúró. Ẹ fi Ẹkùn sípò Erin. Àkàrà olóyin kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, Ìjàpá gan-an ni yóò kọ́kọ́ jọ oúnjẹ lójú rẹ̀. Ẹ fi Ehoro síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní gbà pé ìlú kan lè fi òun jọba, bó bá sì gbà, ẹní yẹn lè gbé e dúró torí ó fúyẹ́. Erin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu. Títóbi tó mú kó gbà pé àga yẹ òun ni títóbi tó já ẹní lulẹ̀. Nítorí náà, "agbára" kéré jù fún ìdáhùn. Ẹni ńlá tí ìyìn ń tàn ni Erin yìí. Ìdí tó sì fi rọrùn láti tàn ni pé òótọ́ wà nínú ìyìn náà: ó tóbi lóòótọ́.

Ìjàpá ńkọ́? Kò sí ọ̀kánjúwà nínú ohun tó ṣe fún Erin. Àrékérekè ni, ìlú ló sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àrékérekè yìí ni gbòǹgbò ìwà rẹ̀. Ọ̀kánjúwà máa ń wọlé nígbà tí ikùn bá gba ìjánu lọ́wọ́ ọgbọ́n, bó ṣe rí nínú àlọ́ òun àti Ajá. Ìyàn mú, Ajá mú un lọ sí oko iṣu olóko. Ajá wa ìwọ̀nba tó lè gbé. Ìjàpá wa èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó wá ń fi orin halẹ̀ mọ́ Ajá pé bí kò bá ran òun lẹ́rù, òun á kígbe kí olóko gbọ́. Ajá fẹsẹ̀ fẹ. Olóko mú Ìjàpá, ó fà á dé ọ̀dọ̀ ọba, Ìjàpá sì ní Ajá ló mú òun lọ.

Ibí yìí ni "Ajá dúró fún òtítọ́" ti fọ́. Ajá ti dáná sílé, ó ti daṣọ borí, ó fi ẹyin tútù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba dé, ó fọ́ ẹyin náà, omi rẹ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó ní láti àná lòun ti ń bì. Olè ni, òpùrọ́ sì ni, síbẹ̀ ìtàn dá a sílẹ̀. Mímọ ìwọ̀n ni àlọ́ fi ń yìn ín, èyí tí Ìjàpá kò ní. Irọ́ rẹ̀ pàápàá, láti ara rẹ̀ ló ti wá. Bí Ẹṣin ló ní òun ń bì, wọn ì bá yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ta ni kò tíì rí ajá tó ń bì?