Ètò Agbọ̀n Méjì

Ètò agbọ̀n méjì jẹ́ ọ̀nà kan láti máa tọ́jú ohun èlò olówó pọ́ọ́kú tó ń tán kíákíá, bíi súkúrù, bíró tàbí ọṣẹ ìfọlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń kà á lójoojúmọ́. A ó pín ohun èlò kan náà sínú agbọ̀n méjì. Ti iwájú ni àwọn òṣìṣẹ́ á máa mú lò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn títí ti iwájú yóò fi tán pátápátá. Bí ó bá ti tán, agbọ̀n òfìfo yẹn gan-an ni àṣẹ láti ra òmíràn. Ó bá káńbáàn tan, ìyẹn ètò tí Taiichi Ohno gbé kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Toyota ní Jàpáànù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ohun tó gba ìrònú jù ni iye tí agbọ̀n kan yóò gbà, nítorí òun nìkan ni iṣẹ́ yóò gbójú lé títí ọjà tuntun yóò fi dé. Ká ní ilé iṣẹ́ àga kan ń lo 200 súkúrù lójúmọ́, tí ọjà sì ń gba ọjọ́ iṣẹ́ 5 kó tó dé. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ 2 kún un nítorí ìdádúró, ọjọ́ 7 lọ́nà 200 jẹ́ 1,400. Bí páálí súkúrù kan bá jẹ́ 500, páálí 3 ni wọn yóò rà sínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,500. Lójú ọjọ́ 5 tí wọ́n fi ń retí ọjà, 1,000 yóò ti lọ, yóò sì ku 500.

Inú agbọ̀n òfìfo ni a ń kó ọjà tuntun sí, tí a ó sì gbé e sẹ́yìn. A kì í dà á lé ìyókù lórí. Báyìí ni ti àtijọ́ fi ń kọ́kọ́ tán, èyí tó ṣe pàtàkì fún oògùn ìfọlẹ̀ tí agbára rẹ̀ máa ń dín kù bó bá pẹ́.

Àṣìṣe tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni pé kí ẹni tó ń kánjú bu nínú ti ẹ̀yìn nígbà tí ti iwájú kò tíì tán. Àwọn méjèèjì á wá máa dín kù pọ̀, àṣẹ ìrajà kò sì ní jáde àfi ìgbà tí kò bá sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a di ẹnu agbọ̀n ẹ̀yìn, kí a sì so káàdì ìrajà mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tú u ni yóò mú káàdì lọ fún arajà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ni arajà ń gba káàdì, agbọ̀n lè ṣófo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ó sì dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. A gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ wọ̀nyẹn mọ́ iye ọjọ́ tí ọjà fi ń dé.

Ọjọ́ tí ọjà bá dé ló yẹ ká yẹ ìṣirò wò. Bí agbọ̀n tí a ń lò bá ti ṣófo kí ọjà tó wọlé, iye náà kéré; bí ó bá sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà gbogbo, owó ló wà nílẹ̀ lásán. Ètò yìí kò yẹ fún ohun olówó iyebíye, tàbí ohun tí ìlò rẹ̀ ń ga lónìí, tó ń wálẹ̀ lọ́la.