Láti Àwòrán Ìwé Báńkì Dé Ìlà Owó: Bálánsì Ni Ẹlẹ́rìí

Nígbà tí ènìyàn bá fi ẹ̀rọ síkáánà ya ìwé àkáǹtì báńkì, àwòrán lásán ni ó bọ́ sínú kọ̀ǹpútà: àmì dúdú àti funfun lọ́pọ̀ yanturu, tí ojú wa ń rí bíi nọ́ńbà ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kò lè ròpọ̀. Ìyídà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni iṣẹ́ tí ó ń sọ àwòrán yẹn di ìlà-ìlà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́, àlàyé ohun tí owó náà wà fún, iye tí ó wọlé tàbí tí ó jáde, àti bálánsì, èyí tí í ṣe iye tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí owó náà ti dé tàbí tí ó ti lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dáwọ́ lé e, kí ó kọ́kọ́ fi máòsì fa ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣeé yàn kí a sì dà á kọ síbòmíràn, ọ̀rọ̀ gidi ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìdí láti tún máa ka àwòrán.

Àwọn tí kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí sábà máa ń rò pé kíka lẹ́tà ni ó le jù níbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò tí ń ka lẹ́tà láti inú àwòrán, bíi Tesseract, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, àṣẹ kan ṣoṣo sì tó láti fi ka ojú ìwé kan:

```
tesseract oju1.png oju1 --psm 6 tsv
```

Fáìlì `oju1.tsv` tí ó máa ti ibẹ̀ jáde ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú, pẹ̀lú ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí bébà. `left` ń sọ bí ó ṣe jìnnà sí etí òsì tó, `top` ń sọ bí ó ṣe jìnnà sí òkè tó, `width` àti `height` ń sọ fífẹ̀ àti gíga rẹ̀, `conf` sì ń sọ bí ètò náà ṣe dá ara rẹ̀ lójú tó. Àwọn nọ́ńbà ipò yìí gan-an ni a nílò, nítorí pé lórí bébà owó, ibi tí nọ́ńbà wà jẹ́ apá kan ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá kàn ka ọ̀rọ̀ láti òsì sí ọ̀tún láìbìkítà fún ipò, ìlà kan lè ka báyìí pé «05/03 Owó iṣẹ́ báńkì 52.50 42,673.00», a kò sì ní mọ̀ bóyá 52.50 wọlé ni tàbí ó jáde. Àyè òfìfo tí ó wà láàárín òpó owó tí ó jáde àti òpó owó tí ó wọlé ni ó mọ̀ ọ́n, ètò ìkàwé sì ti gbé àyè òfìfo náà mì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ipò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bébà A4 tí a yà ní 300 àmì nínú ínṣì kan máa ń fẹ̀ tó píksẹ́lì 2480. Ká ní òpó owó tí ó jáde parí ní píksẹ́lì 1480 láti etí òsì, tí ti owó tí ó wọlé parí ní 1840, tí ti bálánsì sì parí ní 2200. Níwọ̀n bí báńkì ti máa ń to nọ́ńbà owó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún kí dọ́ọ̀tì wọn lè bára wọn dọ́gba, etí ọ̀tún nọ́ńbà ni a fi ń mọ òpó rẹ̀, a kì í lo etí òsì. A ó fi `left` kún `width`. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1375 tí ó sì fẹ̀ ní 105 parí ní 1480, nítorí náà owó tí ó jáde ni. Nọ́ńbà gígùn àti nọ́ńbà kúkúrú nínú òpó kan náà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú kan, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n máa ń parí sí.

Ti ìlà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí `top` wọn bá súnmọ́ ara wọn ni a ń kó sí ìlà kan, ibí yìí sì ni bébà tí kò dúró dáadáa nínú síkáánà ti ń ṣe wá ní ṣútà. Bí bébà bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dígírì 1 péré, ojú lásán kò ní tètè rí i, ṣùgbọ́n láti ibi ọjọ́ ní apá òsì dé ibi bálánsì ní apá ọ̀tún, nǹkan bíi píksẹ́lì 2000 ni, ìfìsẹ́gbẹ̀ẹ́ náà yóò sì ti sún bálánsì sókè tàbí sílẹ̀ ní píksẹ́lì 35. Lẹ́tà tí wọ́n sábà ń lò fún ìwé báńkì máa ń fi nǹkan bíi píksẹ́lì 50 sí àárín ìlà méjì. Níwọ̀n bí 35 ti ju ìdajì 50 lọ, bálánsì yóò fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀, yóò lọ bá ìlà aládùúgbò. Gbogbo nọ́ńbà ni a kà tọ́, síbẹ̀ gbogbo ìlà ni ó ti dàrú. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́ àwòrán kí ó dúró gbọnrangandan kí a tó kà á rárá.

Àlàyé tí ó gùn máa ń ṣẹ́ sí ìlà kejì. Ìlà tí kò bá ní ọjọ́ tí kò sì ní iye nínú òpó owó kankan, ti ìlà òkè rẹ̀ ni, a ó so ó mọ́ ọn. Ìlà tí ó ń gbé bálánsì láti ojú ìwé kan lọ sí èkejì kì í ṣe owó tí ó lọ tàbí tí ó bọ̀, a kò gbọdọ̀ kà á kún un, ṣùgbọ́n a lè fi mọ̀ pé kò sí ojú ìwé tí ó fò láàárín.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a ó wá béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: báwo ni a ṣe mọ̀ pé ohun tí a kà tọ́? Ìwé báńkì sàn ju ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn lọ ní ti èyí, nítorí ó gbé ẹlẹ́rìí tirẹ̀ dání. Bálánsì ìlà òkè, tí a fi owó tí ó wọlé kún, tí a yọ owó tí ó jáde kúrò nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá bálánsì ìlà yìí mu láìku ẹyọ kan:

```
iyato = saaju + wole - jade - iseku
```

Bí `iyato` kì í bá ṣe 0, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, irú nọ́ńbà tí ìyàtọ̀ náà jẹ́ sì máa ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ìlà mẹ́rin yìí, tí bálánsì tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 48,250.00:

```
03/03  Owó ilé         jáde  12,400.00  35,850.00
05/03  Owó oníbàárà    wọlé   6,375.50  42,725.50
05/03  Owó iṣẹ́ báńkì   jáde      52.50  42,673.00
09/03  Owó ọjà         jáde  18,300.00  24,373.00
```

Ìlà àkọ́kọ́ bára mu. Ní ìlà kejì, 35,850.00 pẹ̀lú 6,375.50 jẹ́ 42,225.50, ṣùgbọ́n 42,725.50 ni a kà, ó ku 500. Ìlà kẹta àti ìkẹrin tún bára mu. Nítorí pé ìlà kẹta fi bálánsì 42,725.50 ṣe ìpìlẹ̀ tí ìṣirò rẹ̀ sì pé, a mọ̀ pé bálánsì náà kò ní ẹ̀sùn, iye owó ni ó ní i. 500 náà bọ́ sí ipò ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ sì ni 3. Bí a bá fi 5 kún 3, ó di 8, àwòrán 8 tí tàdáwà rẹ̀ ti ṣá ní apá òsì sì jọ 3 púpọ̀. A padà sórí bébà, a rí 6,875.50.

Ká ní bálánsì ni a ṣì kà, tí 42,725.50 di 42,125.50 nítorí pé 7 jọ 1, ìlà méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn ni yóò kọ̀: ìkejì yóò fi 600 lé, ìkẹta yóò fi 600 dín. Ká ní owó iṣẹ́ báńkì ni a fi sí òpó owó tí ó wọlé, ìyàtọ̀ yóò jẹ́ 105.00, ìlọ́po méjì 52.50 gẹ́lẹ́. Bí ìlà náà bá sì sọnù pátápátá, ìlà 09/03 ni yóò kọ̀, 52.50 ni yóò sì jẹ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò lè ti ọ̀dọ̀ àmì kan ṣoṣo tí a ṣì kà wá, nítorí àṣìkà àmì kan máa ń fi nọ́ńbà kan tí òdo tẹ̀ lé sílẹ̀, bíi 500 tàbí 600 tàbí 0.30. Àwọn akọ̀wé owó àtijọ́ máa ń wò bóyá 9 lè pín ìyàtọ̀ náà láìkù, èyí tí ó lè fi hàn pé wọ́n pààrọ̀ ipò nọ́ńbà méjì. Ọgbọ́n yẹn wúlò fún ẹni tí ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ètò ìkàwòrán kì í sábà pààrọ̀ ipò. Nọ́ńbà kan ni ó máa ń fi rọ́pò òmíràn.

Ohun kan wà tí èmi kì í gbà: kí ètò náà tún nọ́ńbà ṣe fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé a lè fi bálánsì méjì ṣírò iye tí ó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe kíkà, ìlà tí a bá rí gbà bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní àmì lára títí ènìyàn yóò fi wo àwòrán rẹ̀. Àwọn báńkì kan tún máa ń tẹ owó tuntun sí òkè, a ó yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà padà kí a tó ṣírò. Àwọn mìíràn sì ń kọ bálánsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, lẹ́yìn owó ìkẹyìn ọjọ́ náà. Nínú irú ìyẹn, gbogbo owó ọjọ́ kan ni a ó dà pọ̀ kí a tó béèrè lọ́wọ́ bálánsì, bí wọn kò bá sì bára mu, ọjọ́ náà nìkan ni ó lè tọ́ka sí, kò lè tọ́ka sí ìlà.

Ẹlẹ́rìí yìí kò rí ọjọ́, kò sì rí àlàyé. Orúkọ tí a ṣì kà kò ní ba ìṣirò kankan jẹ́, `conf` gíga kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé a kà á tọ́, nítorí náà ojú ènìyàn ni ó kù fún àlàyé. Ní ti ọjọ́, a lè rí ìrànlọ́wọ́ díẹ̀: ọjọ́ kì í padà sẹ́yìn láti ìlà kan sí èkejì, kì í sì í jáde kúrò nínú sáà tí orí ìwé kọ. Bí a kò bá mọ̀ bóyá 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin tàbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kí a wá ìlà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ju 12 lọ ní ọ̀kan nínú ipò méjèèjì. Ipò yẹn ni ti ọjọ́, fún gbogbo ìwé náà. Bí ìlà kò bá sì ní ọdún, orí ìwé ni a ó ti mú un, àfi tí sáà náà bá ré kọjá oṣù Kejìlá, nítorí ìlà 02/01 tí ó tẹ̀ lé 31/12 ti bọ́ sínú ọdún tuntun.