Lítà dísẹ́ẹ̀lì mélòó ló tó? Ohun tí iye méjì péré lè fi dá wa lójú

Ẹni tó bá ń ta ẹja tútù ní Kubwa, ní Àbújá, kì í fọkàn tán iná ọba. Bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù tó máa gbé yàrá yìnyín dúró. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá wá tán kí ẹni tó ń gbé e wá tó dé lọ́jọ́ Ajé, páálí ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Àlájà kan, ọmọ Ìlọrin, tí mo máa ń bá ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀, bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, lítà mélòó ni kí n máa gbà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọkàn mi á fi balẹ̀?" Mo ní, "Àlájà, kó balẹ̀ dé ìwọ̀n wo?" Wọ́n ní bó bá tán lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn lè fara dà á, àwọn á sáré lọ rà á níye tí wọ́n bá pè é. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ti bá a lọ nìyẹn.

Ìbéèrè tó ṣe é dáhùn nìyẹn, nítorí Àlájà ní ìwé tí wọ́n ń kọ iye lítà tí jẹnẹrétọ̀ ń mu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí. Iye méjì ni mo yọ nínú rẹ̀. Mo ti yí wọn sí èyí tó rọrùn láti kà fún ẹ̀yin òǹkàwé. Àkọ́kọ́ ni ìpíndọ́gba, ìyẹn 200 lítà lọ́sẹ̀. Èkejì ni ìfọ́nká, tó ń sọ bí àwọn ọ̀sẹ̀ ṣe ń jìnnà sí 200 yẹn tó. Bí a ṣe ń wá a nìyí: ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti 200, ẹ fi ìyàtọ̀ náà lọ́nà ara rẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì pín in sí iye ọ̀sẹ̀. Ti Àlájà jẹ́ 900. Nítorí pé 30 lọ́nà 30 ló ń jẹ́ 900, a máa ń sọ pé ìwọ̀n ìyapa wọn jẹ́ 30 lítà.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan dán an wò: kí Àlájà máa ní 290 lítà nílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Báwo ni ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ máa mu tó 290 ṣe lè pọ̀ tó?

Ká kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ìpíndọ́gba nìkan la mọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,000 lítà. Jẹnẹrétọ̀ kò lè mu iye tó dín sí òdo. Bí ọ̀sẹ̀ méje bá mu 290, ìyẹn nìkan ti di 2,030, ó ti kọjá ohun tó wà. Torí náà kò lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ nínú mẹ́wàá. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Markov pè nìyẹn: ẹ pín ìpíndọ́gba sí iye tí ẹ ń bẹ̀rù. 200 sí 290 jẹ́ ìdá 69 nínú 100. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè ran ẹlẹ́ja lọ́wọ́.

Ìfọ́nká ló ń ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹ wò ó bí owó tó wà nínú àpò. Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ alọ́nà-ara-rẹ̀ jẹ́ 900, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní 9,000 láti ná. Ọ̀sẹ̀ kan tó bá mu 290 fi 90 yàtọ̀ sí 200. 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8,100. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo owó náà tán. Ọ̀sẹ̀ méjì yóò ná 16,200, kò sì sí i nínú àpò. Ohun tí Chebyshev, ará Rọ́ṣíà, kọ jáde ní 1867 nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bienaymé ará Faransé ti sọ ọ́ ní 1853. Bí a bá pín 900 sí 8,100, ìdá 1 nínú 9 ni, ìyẹn bí 11 nínú 100. Láti 69, a ti já wá sí 11, a kò sì tíì mọ ohunkóhun nípa bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ju iye méjì yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n òfin Chebyshev ń ka ìhà méjèèjì: ọ̀sẹ̀ tó mu 290 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti èyí tó mu 110 tàbí kó dín. Èyí tó mu díẹ̀ kò dun Àlájà. Tí a bá ń bẹ̀rù ìhà òkè nìkan, a lè fún okùn náà le sí i, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jù. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi 90 ga ju 200, àwọn mẹ́sàn-án tó kù gbọ́dọ̀ fi 90 rẹlẹ̀ lápapọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpíndọ́gba kò ní jẹ́ 200 mọ́. Ìrẹlẹ̀ yẹn náà ń ná owó. Èyí tó ná owó kéré jù ni kí wọ́n pín in dọ́gba, kí kálukú fi 10 rẹlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ná 100, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ná 900. Ẹ ro 8,100 mọ́ 900: ó di 9,000 gẹ́lẹ́. Àpò náà gbẹ láìku kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́wàá ni ibi tó lè dé, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Orúkọ Cantelli, ará Ítálì, ni wọ́n fi ń pe òfin oníhà kan yìí. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí, tí X jẹ́ iye lítà tí ọ̀sẹ̀ kan mu, tí P jẹ́ ìdá àwọn ọ̀sẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, tí μ jẹ́ ìpíndọ́gba, tí σ jẹ́ ìwọ̀n ìyapa, tí k sì jẹ́ iye ìgbà tí ẹ fi σ kún μ:

```
P(X ≥ μ + kσ) ≤ 1 / (1 + k²)
```

Fún Àlájà, 290 jẹ́ 200 tí a fi 30 kún lẹ́ẹ̀mẹta. k jẹ́ 3, ìdáhùn sì jẹ́ 1 nínú 10. Ohun tí wọ́n béèrè gan-an nìyẹn.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ti jókòó ní kíláàsì ìṣirò á ní 290 ti pọ̀ jù. Wọ́n á ní ká ya àwòrán tó dà bí agogo, tí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti ń ṣù jọ sí àárín, tí díẹ̀ sì wà ní etí méjèèjì, kí 240 lítà fi tó, nítorí lábẹ́ agogo yẹn, bí 9 nínú 100 ọ̀sẹ̀ ni yóò mu tó 240. Ìṣirò agogo yẹn kò ní àṣìṣe, bí àwọn ọ̀sẹ̀ bá rí bí agogo lóòótọ́. Ta ló sọ fún wa pé wọ́n rí bẹ́ẹ̀? Ní ti òfin Cantelli, k jẹ́ 40 lórí 30 fún 240 lítà, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 36 nínú 100. Ìyẹn ni pé iye méjì kan náà, 200 àti 30, lè wá láti inú àdúgbò kan tí dísẹ́ẹ̀lì yóò ti máa tán ní ìgbà 36 nínú 100.

Ẹ má sì rò pé irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ẹ padà wo àpò tó gbẹ lẹ́ẹ̀kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó ń mu 190, ọ̀kan tó mu 290. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé àdúgbò tí tiransifọ́mà ti jó rí mọ ọ̀sẹ̀ yẹn. Iná ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ, ó dé, títí tiransifọ́mà fi bú gbàmù, tí gbogbo àdúgbò wá ń dá owó jọ. Kò sí agogo kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí wọ́n fi agogo pinnu ohun tí tiransifọ́mà bá lè dà rú.

Àlájà tún béèrè pé bí àwọn bá ń gbà á lóṣooṣù ńkọ́, ṣé kí àwọn fi mẹ́rin lọ́nà 290 ni, kó di 1,160? Ó ṣeé ṣe kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan kò bá mọ̀ nípa èkejì, ìfọ́nká wọn là ń rò pọ̀, kì í ṣe ìwọ̀n ìyapa wọn. 900 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 3,600. Ìwọ̀n ìyapa oṣù wá jẹ́ 60 péré, torí 60 lọ́nà 60 ni 3,600. Ẹ fi 60 lọ́nà mẹ́ta kún 800, ó di 980 lítà. Lítà 180 la fi dín in kù, pẹ̀lú ìdánilójú 1 nínú 10 kan náà. Àmọ́ gbólóhùn "ọ̀sẹ̀ kan kò mọ̀ nípa èkejì" yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Tiransifọ́mà tó jó lọ́sẹ̀ yìí lè má tíì dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ burúkú bá ń tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ burúkú, ìfọ́nká oṣù á ju 3,600 lọ. Ní ibi tó burú jù, ìwọ̀n ìyapa á di 120, a ó sì padà sí 1,160. Ẹ má fi ojú lásán dá a. Ẹ ro àpapọ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, kí ẹ wá ìfọ́nká àwọn àpapọ̀ yẹn fúnra rẹ̀.

Òfin yìí kì í ṣàsọtẹ́lẹ̀, ó kàn ń sọ ibi tí nǹkan kò lè kọjá ni. Bí Àlájà bá ń ní 290 nílẹ̀, tí dísẹ́ẹ̀lì kò sì tán rárá lọ́dún kan, òfin kò parọ́. Àmọ́ bó bá ń tán léraléra, kì í ṣe òfin ni ká bi, iye méjì tí a fún un ni. Ohun méjì ló sì sábà máa ń bà wọ́n jẹ́ níbí.

Èkíní ni àsìkò. Oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ní Àbújá, kí òjò tó dé dáadáa, ooru máa ń mú kí yàrá yìnyín ṣiṣẹ́ kára ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Ìpíndọ́gba tí a yọ nínú oṣù Kejìlá kì í ṣe ti oṣù Kẹta. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣe ti ìgbà ooru, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣe ti ìgbà òtútù.

Èkejì fara pamọ́ jù ú lọ. Ìwé Àlájà ń kọ iye tí jẹnẹrétọ̀ mu, kò kọ iye tí yóò mu ká ní ó wà. Lọ́sẹ̀ tí dísẹ́ẹ̀lì tán lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n wá ra yìnyín lóde títí di ọjọ́ Ajé, ìwé máa kọ 220, nígbà tó jẹ́ pé bóyá 300 ni ẹja nílò. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó burú jù gan-an ni ìwé ń gé lórí, ìpíndọ́gba àti ìfọ́nká á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí mo ní kí wọ́n fi kún ìwé náà nìyí: ọjọ́ àti wákàtí tí dísẹ́ẹ̀lì tán, wákàtí tí iná ọba kò fi sí lẹ́yìn ìyẹn, àti iye lítà tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ní wákàtí kan. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí, a lè ro iye tí ọ̀sẹ̀ náà ìbá mu, ká kọ ìyẹn sílẹ̀ dípò 220, kí a tó wá ìpíndọ́gba àti ìfọ́nká lákọ̀tun.