Ìfojúbù kì í ṣe ìgbàgbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe "market analysis" ní "ìtúpalẹ̀ ọjà". Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé ètò òwò kan, mo rò pé ìjọba fẹ́ gbé kátápílà wọ ọjà ni. Àyẹ̀wò ọjà ni tèmi, torí yíyẹ̀ wò náà ni: ta ló ń rà á, mélòó ló ń rà, ọwọ́ ta ló ti ń rà á.

Èyí tó tún ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe "assumption", iye tí oníṣòwò gbà bẹ́ẹ̀ láì tíì rídìí rẹ̀, ní "ìgbàgbọ́". Ṣé ìsọjí là ń ṣe ni? Àwọn mìíràn ní "àròsọ", èyí tó burú jù, torí irọ́ ni gbogbo èèyàn mọ àròsọ sí. Ìfojúbù ni kí ẹ pè é. Ẹni tó fojú bu nǹkan mọ̀ pé òun kò tíì wọ̀n ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní iye nìkan la máa ń fojú bù. Ó dáa, kí ló tún wà nínú àyẹ̀wò ọjà bí kò ṣe iye?

Ìyá tó fẹ́ ra gààrí a kọ́kọ́ yí kóńgò sódì, kó wò ó bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ibi tí o ti rí iye kọ̀ọ̀kan àti ohun tí o fojú bù ni ìdí kóńgò tìrẹ. Yí i sódì fúnra rẹ fún àwọn tó máa ka ètò òwò rẹ.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn. Kó má kọ ọ́ pé "bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà bá rà á". Ọdún 2006 la ka èèyàn kẹ́yìn, 140 mílíọ̀nù ó lé díẹ̀. Iye tó bá tẹ̀lé ìyẹn, ìfojúbù ni, gbogbo èèyàn yẹn kọ́ ló sì ń gbé àdúgbò rẹ̀. Kó kọ ọ́ báyìí: "Mo fẹsẹ̀ rìn, mo ka ilé 400. Mo fojú bù ú pé ìdílé 4 ló wà nínú ilé kan. Mo bi ìdílé 40 léèrè, 20 ní àwọn ń ra búrẹ́dì méjì lọ́sẹ̀." Ìyẹn jẹ́ 1,600 lọ́sẹ̀, bí àwọn tí kò bi bá jọ àwọn tó bi. Kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Kó wá gba ọ̀nà kejì. Ṣọ́ọ̀bù 9 ló ń ta búrẹ́dì níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ń ta bí 20 lójúmọ́: 1,260 lọ́sẹ̀. Níbo ni 340 tó kù wà? Bóyá àwọn kan bù mọ́ ọn, bóyá wọ́n ń rà á lọ́nà ibi iṣẹ́. Kó mú èyí tó kéré.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń ta 1,260 yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́. Èyí tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ìfojúbù tó léwu jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń fò. Bí oníṣọ́ọ̀bù 3 bá gbà láti máa gba mẹ́fà mẹ́fà lójúmọ́, 18 nìyẹn. Kó kọ 18, kó wá bi ẹni tó máa kọ́ ààrò fún un bóyá búrẹ́dì 18 lè san owó igi.