Ìgbà wo ni kí ẹ lo àpótí kóòdù, ìyẹn àmì tí a fi ń há ọ̀rọ̀ sáàárín kí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ lè dọ́gba ní fífẹ̀, bí ẹ ò bá mọ irú lẹ́tà tí ojú fóònù ẹlòmíràn ń lò?

Ìyá kan wà tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí l'Abẹ́òkúta. Mo ṣe ètò kékeré kan fún wọn lórí kọ̀ǹpútà, tó ń ka ọjà ìsọ̀ wọn. Lálaalẹ́ ni ètò náà ń to orúkọ aṣọ sápá òsì, iye ìdì tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà sáàárín, iye tó kù sápá ọ̀tún, èmi á sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wasáàpù. Lójú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo rẹ̀ tò bí ìlà ebè. Nígbà tó dalẹ́ ọjọ́ kejì, màmá pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mẹ́sàn-án tó wà níwájú alábẹ́rẹ́ yìí, ṣé èyí tá a tà ni àbí èyí tó kù?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Wọn ò ta àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, nítorí náà ètò mi fi àyè ohun tí wọ́n tà sílẹ̀ lófìfo. Lọ́dọ̀ mi, àyè òfìfo yẹn hàn kedere. Lójú fóònù wọn, àyè náà ti sún kì, mẹ́sàn-án sì ti bọ́ sábẹ́ nọ́ńbà ọjà títà. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn gbọ́ á rò pé ìdì mẹ́sàn-án ti lọ.

Ohun tó fà á kò le. Lẹ́tà oríṣi méjì ló wà. Nínú oríṣi kìíní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀ tirẹ̀: "i" tínrín, "m" gbòòrò, àlàfo tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kéré gan-an. Irú lẹ́tà yìí ni àwọn atẹ̀wé ti ń lò tipẹ́, láti ìgbà tí àlùfáà Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn níhìn-ín l'Abẹ́òkúta ní 1859, òun náà sì ni fóònù fi ń hàn yín ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń kà. Nínú oríṣi kejì, gbogbo lẹ́tà ló dọ́gba ní fífẹ̀, àti "i" àti "m" àti àlàfo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí àwọn akọ̀wé ń fi ọwọ́ tẹ̀ ló sọ ọ́ di mímọ̀, torí ìṣísẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ náà ń gbé, lẹ́tà yòówù kí wọ́n tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àlàfo lẹ fi to nọ́ńbà, lẹ́tà oríṣi kejì nìkan ló lè jẹ́ kí wọ́n dúró lójú kan.

Àpótí kóòdù ni ọ̀nà tí a fi ń bẹ ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà pé kó lo oríṣi kejì. Àmì tí a fi ń ṣe é kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ó jọ àmì dò tó dá dúró láìsí fáwẹ̀lì lábẹ́ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí a ń lò níbí, ó wà lókè lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 1. Ẹ ó tẹ mẹ́ta lórí ìlà tiwọn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tẹ mẹ́ta mìíràn lórí ìlà tiwọn nígbà tó bá parí. Wasáàpù gbọ́ èdè yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kò gbọ́ ọ. Ìmeèlì ńkọ́? Ó di ọwọ́ ètò tí ẹni tó gbà á fi ń kà á, ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n láti ìjókòó yín. Ẹ fi í sọ́kàn pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ojú tó gba ìwé náà ló máa pinnu.

Mo ronú pé tí mo bá ti fi àpótí kóòdù bò ó, ọ̀rọ̀ ti màmá parí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ kẹta. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ mẹ́sàn-án ṣì yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó rí ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń fi Yorùbá to àtẹ ló máa pàdé rẹ̀. Ẹ wo ìlà tí ètò mi, tí mo fi èdè Python kọ, fi ń tò ó:

```
print("alábẹ́rẹ́".ljust(12) + "".ljust(6) + "9")
```

Ohun tí `ljust(12)` ń ṣe ni pé ó ń fi àlàfo kún ọ̀rọ̀ títí yóò fi pé méjìlá. Lójú tiwa, lẹ́tà méje ló wà nínú "alábẹ́rẹ́", nítorí náà àlàfo márùn-ún ló yẹ kó fi kún un. Mẹ́ta ló fi kún un. Ìdí ni pé nínú kọ̀ǹpútà, "á" ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó dá wà, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́" tó ní àmì sókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń pa á pọ̀: "ẹ", lẹ́yìn náà àmì mí tó máa gùn ún lórí. "Alábẹ́rẹ́" ní "ẹ́" méjì, nítorí náà mẹ́sàn-án ni kọ̀ǹpútà kà á. "Ẹlẹ́kọ" ní ẹyọ kan. Lẹ́tà márùn-ún ni, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni ètò kà á. "Oníko" kò ní ìkankan, òun ló fi tò dáadáa. Ohun tó jáde nìyí:

```
oníko       3     14
alábẹ́rẹ́         9
ẹlẹ́kọ      2     6
```

Ìlà alábẹ́rẹ́ fi àyè méjì dín, ti ẹlẹ́kọ fi ẹyọ kan dín, bí lẹ́tà tiẹ̀ dọ́gba pátápátá. Ó tún ku ìyọnu kan: àwọn lẹ́tà oríṣi kejì kan wà tí kò ní "ẹ" àti "ọ" wa nínú. Tí ojú fóònù bá dé ibẹ̀, ó máa yá lẹ́tà kan láti inú àkójọ mìíràn, fífẹ̀ èyí tó yá lè má bá ti ìyókù mu. Ìṣirò àlàfo kankan kò lè tún ìyẹn ṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ìwé ránṣẹ́.

Èyí ló sọ ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé dònìí fún mi. Iṣẹ́ méjì ni àpótí kóòdù ń ṣe. Ó ń mú lẹ́tà dọ́gba, ó sì ń dáàbò bo àmì inú ọ̀rọ̀ kí ètò tó ń gbé e jáde má bàa sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Tí ẹ ò bá mọ ojú tó máa gba ìwé náà, ẹ má ṣe gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín ka iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nítorí ìkejì ni kí ẹ fi lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kejì yẹn hàn yín. Ọmọbìnrin màmá ń fi Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ṣe ìṣirò owó: iye ìdì wà ní B, iye yáàdì inú ìdì kan wà ní C, owó yáàdì kan wà ní D. Ó ní kí n fi ìlà ìṣirò náà ránṣẹ́ sí òun. Ohun tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí:

```
=B2*C2*D2
```

Ọ̀pọ̀ ètò tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ ló máa ń ka ìràwọ̀ méjì tó há ọ̀rọ̀ sáàárín sí àṣẹ pé kí ọ̀rọ̀ náà dagun. Bí mo bá kọ ìlà yìí lásán níbẹ̀, ìràwọ̀ méjèèjì á pòórá, `=B2C2D2` ló máa rí. Tó bá kọ́pì ìyẹn sínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, `#NAME?` ló máa jáde, kò sì ní mọ ibi tí àṣìṣe ti wá torí ìràwọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ tó máa rí. Inú àpótí, ìràwọ̀ dúró. Tí ojú tó gbà á kò bá mọ àpótí rárá, kò burú púpọ̀: yóò rí àmì mẹ́ta lókè àti mẹ́ta nísàlẹ̀, ìlà ìṣirò á sì wà láàárín wọn bó ṣe yẹ.

Nítorí ìyẹn ni mo fi ń kọ̀ láti lo àmì ẹyọ kan lápá òsì àti ẹyọ kan lápá ọ̀tún nígbà tí n kò bá mọ ojú tó ń gbà á. Tí ojú yẹn kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á lẹ̀ mọ́ ìṣirò gan-an, ọmọ náà á kọ́pì wọn pọ̀. Ẹ́sẹ́ẹ̀lì kò sì ní ṣírò ohun tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `=`. Ọ̀rọ̀ lásán ló máa kà á sí. Àmì mẹ́ta tó dá dúró lórí ìlà tiwọn ò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan.

Ibi tí àpótí kò ti lè gbà yín sílẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù fóònù ẹni tó ń kọ ọ́. Àwọn fóònù kan máa ń yí àmì `"` tó dúró ṣánṣán padà sí èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti yí i padà, àpótí á gbé èyí tó tẹ̀ kọrọdọ náà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìyẹ̀. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ sínú ìlà `print` tí mo kọ lókè, `SyntaxError` ni Python máa fi dá yín lóhùn. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ pa ìyípadà yẹn nínú ètò kíbọ́ọ̀dù fóònù yín.

Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́, mi ò ń fi àpótí sí i rárá. Yàtọ̀ sí pé kò mọ̀ ọ́n, àmì yẹn kò sí nínú àkójọ lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kúkurú ń lò. Tí ẹyọ kan bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, àyè lẹ́tà 160 lè wálẹ̀ sí 70, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan á sì di ti méjì tàbí mẹ́ta. "Ẹ" àti "ọ" wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ìṣirò náà nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú lẹ́tà tí ojú kan ń lò, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sínú àpótí:

```
iiiiiiii|
mmmmmmmm|
```

Tí igi méjèèjì bá dúró lórí ara wọn, lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba. Tí ti òkè bá sún sínú, kò dọ́gba. Ẹni tó gbà á ni kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ padà o, torí ohun tí ẹ rí lórí tiyín kò sọ nǹkan kan nípa tirẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò sì dán "ẹ́" wò, nítorí náà kò ní kí ẹ padà sí àtẹ Yorùbá tí ẹ fi àlàfo tò.

Nísinsìnyí, láìsí àpótí kankan, ohun tí màmá ń gbà lálaalẹ́ ni: "Oníko: a tà 3, ó ku 14. Alábẹ́rẹ́: a tà 0, ó ku 9. Ẹlẹ́kọ: a tà 2, ó ku 6." Odo yẹn ni mo fi dí àyè tó ṣófo.