Tábìlì máàkì olóṣùwọ̀n: ta ni ká ra fúláwà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ká ní ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn fẹ́ ra 100 àpò fúláwà, ẹni mẹ́ta sì kọ iye tí wọn yóò tà á ránṣẹ́. Ẹni Àkọ́kọ́ pe àpò kan ní ₦60,000, ọjọ́ 5 ni yóò fi gbé e dé. Ẹnì Kejì pè é ní ₦75,000, ọjọ́ 4. Ẹnì Kẹta, ₦80,000, ọjọ́ 2. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ti fi díẹ̀díẹ̀ lára tiwọn yan búrẹ́dì wò, ó sì fún wọn ní máàkì dídára 60, 90 àti 80 nínú 100.

Náírà àti ọjọ́ kò ṣeé rò pọ̀, nítorí náà a ó kọ́kọ́ sọ wọ́n di máàkì bíi ti dídára. Ní ti owó, ẹ mú iye tó kéré jù, ẹ fi iye tí oníkálukú pè pín in, kí ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni Àkọ́kọ́ gba 100, Ẹnì Kejì 80, Ẹnì Kẹta 75. Bákan náà la ṣe ti ọjọ́: 40, 50 àti 100.

Òṣùwọ̀n ló kàn, ìyẹn bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ wá lógún tó. Ká fún owó ní 50, ọjọ́ 10, dídára 40. Bí òṣùwọ̀n owó, ọjọ́ àti dídára bá wà ní ìlà 2, láti B dé D, tí máàkì ẹnì kan sì wà ní ìlà 4 lábẹ́ wọn, ohun tí a ó tẹ̀ sínú tábìlì kọ̀ǹpútà nìyí:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$D$2,B4:D4)/SUM($B$2:$D$2)
```

Ẹni Àkọ́kọ́ ní 78, Ẹnì Kejì 81, Ẹnì Kẹta 79.5. Ẹnì Kejì ló gbégbá orókè.

Ẹ wá mú 10 kúrò lára dídára, kí ẹ fi kún ọjọ́. Èsì á di 76, 77 àti 81.5: Ẹnì Kẹta ti gba ipò iwájú. Bí a bá gbé owó lọ sí 70, ọjọ́ 10, dídára 20, Ẹni Àkọ́kọ́ ló borí pẹ̀lú 86. Fúláwà kò yí padà, iye owó kò sì yí padà. Ẹni tó bá di òṣùwọ̀n mú lẹ́yìn tó ti rí iye tí wọ́n pè lè yan ẹni tó bá wù ú, kí tábìlì náà sì dà bí ẹni tó ṣe òdodo. Ìdí nìyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 lórí ríra ọjà ìjọba fi ní kí wọ́n má ṣe lo ìlànà kankan tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi pe àwọn oníṣòwò.

Síbẹ̀, ó dára ká yí òṣùwọ̀n wò lẹ́yìn ìṣirò, bí a kò bá ti fi pààrọ̀ èsì. Máàkì 1.5 péré ló wà láàárín Ẹnì Kejì àti Ẹnì Kẹta, 10 tí a sún sì ti tó láti yí ipò wọn padà. Lójú tèmi, irú èsì bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n tún búrẹ́dì yan wò kí wọ́n tó sanwó, nítorí máàkì dídára, tó wá láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ni ó rọrùn jù láti ṣì fúnni.