Iye tí ọjà tà kì í ṣe èrè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù tí wọ́n tún ń ṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà pé tí iye ọjà tí wọ́n ń tà bá ti ju owó oṣù wọn lọ, àsìkò ti tó láti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ò tọ̀nà, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di onígbèsè.

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ ọmọ níléèwé aládàáni kan n'Íbàdàn, ₦120,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Lálẹ́, ó ń dín ìpékeré. Lóṣù kan ó ta ₦180,000, ló bá mú ìwé tó fẹ́ fi fiṣẹ́ sílẹ̀ wá bá mi. Mo ní kó kọ́kọ́ mú ìwé tó ń kọ ọjà sí wá.

A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì, iyọ̀ àti ọ̀rá gba ₦118,000. Ọlọ́kadà tó ń gbé e fún oníbàárà gba ₦14,000. Ó ku ₦48,000, àmọ́ ₦22,000 nínú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ra àwìn. ₦26,000 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ìlà kan tó kọ láàárín oṣù: “Mo fi 15,000 kún un.” Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wọ́n lọ́jà, ó sì yọ owó oṣù rẹ̀ lọ rà á. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ ló ń gbé òwò yẹn ró.

Ó ní tóun bá ráyè, òun á dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ àìráyè ni kò jẹ́ kó tà tó. Mo bi í pé oníbàárà mélòó ló dá padà lóṣù yẹn nítorí pé kò ráyè dín. Ó ní méjì. Àwọn tó ń rà ni ò tíì pọ̀ tó.

A wá fẹnu kò pé fún oṣù mẹ́fà, kò ní fi owó oṣù kún òwò mọ́. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni owó oṣù náà yóò máa wọ̀. Èrè ìpékeré ni yóò fi jẹun, tí yóò fi wọkọ̀, tí yóò fi tọ́jú ọmọ. ₦95,000 ni gbogbo ìyẹn ń gbà lóṣù. Bí èrè ò bá tó, kó yọ ìyókù nínú àkáǹtì yẹn, kó sì kọ iye tó yọ sílẹ̀. Àsìkò tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú oṣù mẹ́fà náà, torí oṣù tó dáa máa ń tan èèyàn. Bí kò bá yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, ₦720,000 ni yóò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

Oṣù kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí. ₦52,000 ni èrè rẹ̀, ó sì yọ ₦43,000 nínú àkáǹtì. Ó ṣì ń lọ síléèwé láràárọ̀.